Ìdáhùn tí a kò kọ sínú àyọkà: bí a ṣe ń fà á yọ, tí a sì ń tọ́ka sí ibi tí a ti rí i

Oríṣi ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé àyọkà nínú iṣẹ́ àkàyé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà ní gbangba lójú ìwé. Ẹni tó bá ti lè kàwé á rí i mú. Èkejì ni èyí tí òǹkọ̀wé kò sọ ìdáhùn rẹ̀ jáde, àmọ́ tó fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Àwa á máa pe èyí ní ìbéèrè àfàyọ. Òun ló ń jẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù, ẹ má sì rò pé wọn kò mọ ìdáhùn ni. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n fi hàn wá ibi tí wọ́n ti rí i. Àwọn mìíràn sì wà tí ìdáhùn wọn dùn létí, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìgboro ni wọ́n ti gbé e wá, kì í ṣe inú àyọkà.

Àyọkà kan ṣoṣo la ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iléṣà la fi í sí, ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, nítorí pé ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ gan-an ló máa ń tàn án jù nínú àkàyé. Àwa la kọ ọ́ fún iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni gidi kankan nínú rẹ̀.

Àyọkà

1. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Ìyá Bọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ó já àwọn àǹkárá tí ó fi kọ́ síwájú ìsọ̀ wálẹ̀, ó ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó sì tún fi ọ̀rá ńlá kan bo gbogbo rẹ̀. "Ṣé kò tíì yá jù fún yín báyìí?" ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ tí ó wà ní ìsọ̀ kejì bi í. Kò fèsì. Ó gbójú sókè wo apá ìlà-oòrùn, ó sì mú ọwọ́ yá sí i. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ náà wòkè, ló bá sáré lọ kó èlùbọ́ tí ó sá sórí ẹní.

2. Ibi tí Ìyá Bọ́lá ti ń di ẹrù ni ó ti rí Bàbá Àkànbí lókèèrè, tí ó ń bọ̀ tààrà lọ́nà ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin, ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó fọwọ́ kan àpò agbádá rẹ̀, ó sì yà bàrá sí ọ̀nà àwọn aláta. "Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá Àkànbí! Ẹ kú ìnáwó ìjẹta!" ni obìnrin aláta kan ké. Kò dúró dáhùn.

3. Ìyá Bọ́lá fa ìwé péńpé kan yọ nínú àpò owó rẹ̀. Orúkọ mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ti fa ìlà pa márùn-ún. Ó wo ìkẹfà, ó mí kanlẹ̀, ó sì dá ìwé náà padà sápò. Bọ́lá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ tún máa dá lọ lọ́tẹ̀ yìí?" Ìyá rẹ̀ ní, "Rárá o. Wá àpótí ìjókòó kékeré yẹn wá. Tí ojú ọ̀run bá ti mọ́, à ń lọ. Ẹnu ọ̀nà wọn la máa jókòó sí."

Bí a ṣe ń kà á

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ má mú kálàmù dání rárá. Ẹ kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Tí àyọkà kò bá ní nọ́ńbà ìpínrọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ 1, 2, 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, torí nọ́ńbà yìí lẹ ó fi máa tọ́ka nígbà tí ẹ bá ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka àwọn ìbéèrè, kí ẹ sì padà sínú àyọkà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ẹni tó bá ń fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó ka ìbéèrè á fàlà sábẹ́ gbogbo ìwé, kò sì ní rí ohunkóhun mú níbẹ̀ mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa dá ìbéèrè àfàyọ mọ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: "Kí ló fi hàn pé…", "Báwo la ṣe mọ̀ pé…", "Irú ènìyàn wo ni…", "Kí ni o rò pé ó fà á tí…". Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Tí wọ́n bá ti rí "o rò pé", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èrò ọkàn wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè èrò ọkàn. Ohun tí ìbéèrè ń sọ ni pé, pẹ̀lú ohun tí o kà, kí ló bá a mu jù?

Gbólóhùn méjì péré

Ìdáhùn tó péye kì í ju gbólóhùn méjì lọ. Èkíní máa sọ ìdáhùn náà ní tààrà. Èkejì máa sọ ìpínrọ̀ tí àmì náà wà, á sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun tí àmì náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ bí 20 sí 35 ti tó fún méjèèjì. Tó bá ti ju 40 lọ, a ti ń tún ìtàn sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn.

*Ìbéèrè 1: Kí ló mú kí Ìyá Bọ́lá tètè palẹ̀ mọ́?*

Ọ̀rọ̀ náà "òjò" kò sí níbì kankan nínú àyọkà. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀rá ni ó kó aṣọ sí, ó sì tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó. Ẹni tó kàn fẹ́ relé kò nílò ìyẹn. Ó wòkè, ó sì yára sí i. Ẹlẹ́lùbọ́ tó ń bi í léèrè náà wòkè, òun gan-an sì sáré lọ kó èlùbọ́. Ní ìpínrọ̀ 3, ó tún ní tí ojú ọ̀run bá ti mọ́ ni àwọn máa lọ. Àmì mẹ́rin nìyẹn, gbogbo wọn ló sì ń nawọ́ sí ibì kan náà. Méjì tó lágbára jù nìkan la ó mú:

> Òjò ló fẹ́ rọ̀. Ní ìpínrọ̀ 1, Ìyá Bọ́lá fi ọ̀rá bo aṣọ rẹ̀, ó wòkè, ó sì mú ọwọ́ yá, ẹlẹ́lùbọ́ náà wòkè, ó sì sáré lọ kó èlùbọ́ tó sá.

Kí ló dé tí a fi ń wá àmì méjì? Torí pé àmì kan ṣoṣo lè gba ìtumọ̀ púpọ̀. Ènìyàn lè wòkè nítorí ẹyẹ. Tí a bá so ìwòkè pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti èlùbọ́, ẹyẹ ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Ìmọ̀ tí a mú wá láti ilé wà nínú ìdáhùn yìí: a mọ̀ pé èlùbọ́ tí omi bá kàn nígbà tí a sá a máa ń bu. Àyọkà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó wá bófin mu? Ó bófin mu, nítorí pé ńṣe ni ìmọ̀ náà so àmì tó wà nínú ìwé pọ̀ mọ́ ìdáhùn. Ohun tí kò bófin mu ni ìmọ̀ tó gba ipò àmì. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ àfàyọ dá lé lórí, a ó sì rí èkejì láìpẹ́.

*Ìbéèrè 2: Kí ló wà láàrin Ìyá Bọ́lá àti Bàbá Àkànbí?*

Gbèsè ni. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó tọ́ka sí i, á ní, "Ó yà." Yíyà nìkan kò tó, ènìyàn lè yà lọ ra ata. Ọ̀nà tí a ó fi débẹ̀ gùn díẹ̀, ó dà bí okùn oníkókó mẹ́rin. Ọ̀nà ìsọ̀ aláṣọ ni ọkùnrin náà ń bọ̀ kí ojú wọn tó pàdé. Ìgbà tí ó rí obìnrin náà ló yà. Ó fọwọ́ kan àpò kí ó tó yà. Ní kété lẹ́yìn náà, Ìyá Bọ́lá yọ ìwé tí orúkọ mẹ́fà wà, tí ó ti fa ìlà pa márùn-ún, ó sì mí kanlẹ̀ nígbà tí ó wo èyí tó kù.

Ẹ wò ó dáadáa: àyọkà kò sọ pé Àkànbí ni orúkọ kẹfà. Àwa la so ó pọ̀, nítorí bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ gba "ó jọ pé":

> Ó jọ pé Bàbá Àkànbí jẹ ẹ́ lówó aṣọ. Ó fọwọ́ kan àpò, ó sì yà nígbà tí ó rí i (ìpínrọ̀ 2), Ìyá Bọ́lá sì yọ ìwé tó ku orúkọ kan láìfa ìlà pa (ìpínrọ̀ 3).

"Ó jọ pé" kì í ṣe ìtìjú. Ó ń sọ bí àmì ṣe lágbára tó. A kò nílò rẹ̀ fún òjò, torí pé gbogbo àmì ibẹ̀ ló bára mu láìku ibì kan. Ẹni tó bá ń fi "ó jọ pé" síwájú gbogbo ìdáhùn kò tíì mọ ìlò rẹ̀; ẹni tí kì í sì í lò ó rárá máa ń sọ ju ohun tí ó rí lọ.

*Ìbéèrè 3: Ṣé ó dájú pé àìrówó ni kò jẹ́ kí Bàbá Àkànbí san gbèsè rẹ̀?*

Inú ìkíni ni ìdáhùn wà, ọ̀pọ̀ sì máa ń fò ó nítorí pé ìkíni ti mọ́ wa lẹ́nu jù. A kì í kí ènìyàn ní "ẹ kú ìnáwó" lásán. Ẹni tó ṣe ìnáwó là ń kí bẹ́ẹ̀. "Ìjẹta" sì ni ọjọ́ tó ṣáájú àná. Ọkùnrin tó rówó ṣe ìnáwó ní ìjẹta kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sówó. Nínú àyọkà Yorùbá, ẹ dúró níwájú gbogbo ìkíni. "Ẹ kú ewu ọmọ", "ẹ kú àfẹ́kù", "ẹ kú àbọ̀": ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ti ṣáájú rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì ní láti sọ ọ́ mọ́.

> Kò dájú. Aláta kí i ní "ẹ kú ìnáwó ìjẹta" ní ìpínrọ̀ 2, èyí tó fi hàn pé ó rówó ná ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè jiyàn pé ìnáwó náà ló gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Àríyànjiyàn tó dáa ni. Ìdí nìyí tí a fi kọ "kò dájú", tí a kò kọ "ó lówó".

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń sọ púpọ̀

Nínú gbólóhùn Bọ́lá, ọ̀rọ̀ onísílébù kan wà tó ń dáhùn odidi ìbéèrè: "tún". *Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Ìyá Bọ́lá máa lọ síbẹ̀?* Rárá, torí Bọ́lá ní "ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ tún máa dá lọ lọ́tẹ̀ yìí". "Tún" sọ pé ó ti lọ rí. "Lọ́tẹ̀ yìí" sọ pé ọ̀tẹ̀ mìíràn ti wà. "Nìkan" àti "dá" sì sọ pé òun nìkan ló lọ nígbà náà. Ẹ lè fi ìka bo "tún" àti "lọ́tẹ̀ yìí", kí ẹ tún gbólóhùn náà kà. Ìdáhùn yẹn á wó lulẹ̀ lójú yín. Bí a ṣe ń dán àmì wò nìyẹn: tí a bá bò ó, tí ìdáhùn ṣì dúró digbí, àmì yẹn kọ́ ló gbé e dúró, ẹ wá òmíràn.

"Ṣì", "tíì", "kàn", "pàápàá" náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. "Ó ṣì ń sùn" sọ pé a ti retí kí ó jí.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ńkọ́? "Ẹnu ọ̀nà wọn." Bọ́lá àti ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan, ìyá sì pè é ní "wọn". Ọ̀wọ̀ lè ni, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ará ilé náà ló ní lọ́kàn. Ẹni tó bá kọ pé "Bàbá Àkànbí dàgbà ju Ìyá Bọ́lá lọ nítorí ó pè é ní wọn" ti ti àmì kọjá agbára rẹ̀. Bákan náà ni "fún yín" tí ẹlẹ́lùbọ́ sọ: ó fi ọ̀wọ̀ hàn, kò fi ọjọ́ orí hàn, nítorí ojúgbà méjì lè máa fi "ẹ" bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jà. Ẹ tún wò ó pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ lo "ó" fún gbogbo wọn. Ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ la ti ń wá ọ̀wọ̀, kì í ṣe ẹnu asọ̀tàn.

Àmì ohùn náà, ẹ má fojú fò ó. "Ó dáhùn" àti "ò dáhùn" yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀kan kà á fa ìdáhùn tó lòdì yọ. Tí wọ́n bá tẹ àyọkà láìsí àmì, ẹ fi gbólóhùn tó tẹ̀lé e yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pinnu.

Ìbéèrè tí àyọkà kò dáhùn

*Kí ló dé tí Bọ́lá fi tètè kúrò nílé-ìwé?*

Ẹ bi ogún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, ẹ ó gbọ́ "owó ilé-ìwé ni wọ́n torí ẹ̀ lé e wálé" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Ìdáhùn tó ń bani nínú jẹ́, tó sì lè ṣẹlẹ̀. Ẹ tọ́ka sí i. Kò sí. Ohun tí a ní ni pé oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ (ìpínrọ̀ 1), àti pé aṣọ ilé-ìwé wà lọ́rùn Bọ́lá (ìpínrọ̀ 3). Ó lè jẹ́ pé ìdánwò ni wọ́n ṣe tán. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ìmọ̀ tó gba ipò àmì nìyí, èyí tí a ní a ó rí. Ìdáhùn tó tọ́ ni:

> Àyọkà kò sọ ìdí rẹ̀. Ìpínrọ̀ 3 kàn sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn ni.

Òmíràn tó tún dùn mọ́ wa: ọkùnrin ni Bọ́lá àbí obìnrin? Ẹ padà lọ kà á. "Ó" wa kì í ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, orúkọ náà sì ń bẹ fún takọtabo. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti ń rí ọmọ kan lójú inú yín láti ìgbà tí ẹ ti kà á. Ẹ̀yin lẹ yà á, òǹkọ̀wé kọ́.

Èyí tó ṣòro jù fún ọmọ Iléṣà ni ìjókòó ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ti gbọ́ ìtàn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọ́n á sì lóṣòó sílé onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, Òṣómàáló, ti wá. Bí wọ́n bá wá bi wọ́n pé, *Kí ni Ìyá Bọ́lá fẹ́ ṣe?*, wọ́n á kọ ìtàn Òṣómàáló kún ojú ewé. Ìyá Bọ́lá kò lóṣòó. Àpótí ìjókòó ló ní kí wọ́n gbé. Àyọkà kò sì sọ pé ó ń tajà láti ìlú dé ìlú. Ìsọ̀ ló ní. Ohun tí ó wà nínú ìwé ti tó:

> Ó fẹ́ jókòó ti onígbèsè rẹ̀ títí yóò fi sanwó. Ní ìpínrọ̀ 3, ó ní kí Bọ́lá gbé àpótí ìjókòó, ó sì ní ẹnu ọ̀nà wọn ni àwọn máa jókòó sí.

"Títí yóò fi sanwó" yẹn, àwa la fà á yọ. Àpótí ìjókòó ló gbé e dúró: ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó kí ó sì máa lọ kò ní gbé ìjókòó dání.

Fún olùkọ́ tó ń máàkì

Ẹ pín máàkì méjì fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ìdáhùn, ọ̀kan fún ìtọ́ka. Ọmọ tó kọ "òjò fẹ́ rọ̀" lásán gba ọ̀kan. Ọmọ tó da gbogbo ìpínrọ̀ 1 kọ láìsọ pé òjò ni kò gba ju ọ̀kan lọ, a sì máa ń rò ó dáadáa kí a tó fún un ní ọ̀kan yẹn gan-an, torí kò tíì yan ohunkóhun. Ó kàn fún yín ní odidi àyọkà kí ẹ bá òun wá a ni. Tí ọmọ bá mú ìdáhùn tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀ wá, ẹ má fagi lé e kí ẹ tó lọ wo ibi tí ó tọ́ka sí. Bí àmì náà bá gbé e dúró, tí kò sì sí gbólóhùn mìíràn tó ta kò ó, ẹ fún un ní méjèèjì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ àyọkà tiyín, ẹ kọ ìdáhùn àfàyọ mẹ́ta sílẹ̀ ná, kí ẹ tó kọ ìtàn. Ẹ fi àmì méjì ó kéré tán sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì wá yọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìdáhùn gan-an kúrò. Nínú tiwa, "òjò" àti "gbèsè" la yọ.